Mọ́tò Bàjẹ́ Lójú Ọ̀nà Láàárọ̀ Ọjọ́ JAMB: Bó O Ṣe Máa Sọ Fún Sẹ́ńtà Pé O Máa Pẹ́

Gbogbo ìgbà tí JAMB bá ti sún mọ́lé ni fóònù mi máa ń dún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọmọ lẹ́sìn mi ni, àwọn òbí wọn ni, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń béèrè: "Tíṣà, mọ́tò ti dákú sọ́nà o, ta la máa pè? Ṣé wọ́n á jẹ́ kó wọlé? Ṣé wọ́n lè fún un ní ọjọ́ mìíràn?" Abẹ́òkúta níbí la wà, àmọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń wá ṣe ìdánwò láàárín ìlú ń ti Wásinmi bọ̀, àwọn mìíràn ń ti ọ̀nà Ṣágámù bọ̀, àwọn kan ń bọ̀ láti Odẹ́dá, mọ́tò tó ń gbé wọn náà sì ti gbó. Nítorí náà mo kọ gbogbo ẹ̀ síbí, kó o lè rí i kà kó tó di ọjọ́ náà. JAMB oníkọ̀mpútà ni mo ń sọ̀rọ̀ bá jù, màá fi WAEC díẹ̀ sí i níwájú.

## Kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn ará sẹ́ńtà lè ṣe àti ohun tí wọn ò lè ṣe

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe nìyí, jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Ẹni tó ni sẹ́ńtà kọ́ ló ni ìdánwò. Ilé rẹ̀ àti kọ̀mpútà rẹ̀ ni JAMB ń lò. Máígádì wà ní géètì, àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́ńtà wà nínú, àwọn tí JAMB fúnra rẹ̀ rán wá láti bójú tó o náà sì wà níbẹ̀. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kan tó lè jókòó síbẹ̀ kó yí ọjọ́ ìdánwò rẹ padà. Ọjọ́, aago àti sẹ́ńtà rẹ, láti orí kọ̀mpútà JAMB ló ti ń wá.

Nǹkan kejì ni ìka. O ò lè jókòó sídìí kọ̀mpútà láìjẹ́ pé o ti tẹ ìka sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ìwọ gan-an lo forúkọ sílẹ̀. Ìka tó o tẹ̀ yẹn náà ni JAMB fi ń mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Kò sí ìwé kan níbì kan tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ lè fi bírò kọ orúkọ rẹ sí. Tí wọ́n bá ti parí títẹ ìka fún ìsọ̀rí rẹ, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, àánú èèyàn ò lè ṣe é mọ́, torí pé àwọn ìsọ̀rí tó kàn ń bọ̀ wá jókòó sórí àga yẹn kan náà.

Torí náà, nígbà tó o bá ń pe sẹ́ńtà láti ojú ọ̀nà, má pè é láti fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún ìdánwò síwájú. Nǹkan mẹ́ta péré lò ń wá lẹ́nu wọn: ṣé wọ́n ṣì ń tẹ ìka, ìgbà wo ni wọ́n máa dáwọ́ dúró, ta ni kó o béèrè tó o bá dé géètì. Tó o bá ti mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o ti mọ bó o ṣe máa sáré.

## Ohun tó yẹ kó o ti ní lọ́wọ́ ṣáájú ọjọ́ náà

Màá yára kọjá níbí.

- Sílíìpù ìdánwò, tẹ̀ ẹ́ jáde méjì. Ọ̀kan fún ìwọ, ọ̀kan fún ẹni tó ń sìn ọ́ lọ.
- Nọ́mbà fóònù ẹnì kan ní sẹ́ńtà. Ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, lọ wo sẹ́ńtà yẹn, kí máígádì dáadáa, sọ pé o fẹ́ gba nọ́mbà ọ́fíìsì. Wọ́n sábà máa ń fúnni. Ìrìn yẹn náà lo fi máa mọ̀ bóyá inú Aṣẹ́rò ni àbí ẹ̀yìn Ọbáńtókò lọ́hùn-ún.
- Kọ nọ́mbà yẹn sórí pépà, má kàn tọ́jú ẹ̀ sínú fóònù nìkan. Bátìrì máa ń kú lọ́jọ́ tí a bá nílò ẹ̀.
- Owó ọ̀kadà tàbí márúwá lọ́tọ̀, owó pépà gan-an, tí ẹ ò ní ná lọ́nà.

Kó o sì wo aago méjì tó wà lọ́rọ̀ ìdánwò rẹ dáadáa, torí aago tí wọ́n fẹ́ kó o dé àti aago tí ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní 2025, àwọn ìsọ̀rí àkọ́kọ́, aago 6:30 àárọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n ti wà níbẹ̀ fún títẹ ìka, ìdánwò wá bẹ̀rẹ̀ ní aago 8:00. Àlàfo àárín méjèèjì yẹn ló lè gbà ọ́ là tí mọ́tò bá bàjẹ́. Ẹni tó bá ti fi 8:00 sọ́kàn pé òun ló máa dé, kò ní àlàfo kankan mọ́.

## Mọ́tò ti dúró. Ìgbésẹ̀ tó kàn rèé

1. Wo aago, má gbọ́ ti dírẹ́bà.

Gbogbo dírẹ́bà pátá ló máa ń sọ pé "ìṣẹ́jú márùn-ún, a ti ń lọ." Kì í ṣe pé irọ́ ló fẹ́ pa fún ọ, òun náà ń retí ni, kò sì fẹ́ dá owó padà. Ohun tó bàjẹ́ ni kó o wò, má wo ẹnu ẹ̀.

Tó bá jẹ́ táyà ló jò, tí sípéà tó dáa sì wà níbẹ̀, tí jáàkì wà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lè tó, o lè dúró. Tí kò bá sí jáàkì, tí wọ́n fẹ́ lọ yá a, sọ̀ kalẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì gbóná, tó ń rú èéfín funfun níwájú, tó o ń gbọ́ tó ń hó bí ìkòkò àmàlà, má dúró. Wọn ò lè ṣí ìdérí rádíétọ̀ nígbà tó bá gbóná, omi gbígbóná á tú sí wọn lójú, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù, ìyẹn á gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí wọ́n tó wá mọ ibi tó ti ń jò. Tó bá jẹ́ fáànù bẹ́líìtì ló já, tàbí gíà kò wọlé mọ́, tàbí ó kàn kú tí kò jí, má dúró.

Fún ara rẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, bóyá wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí wọn ò ṣí i, bẹ̀rẹ̀ sí í wá mọ́tò mìíràn.

2. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, pe sẹ́ńtà.

Jẹ́ kí àgbàlagbà tó wà pẹ̀lú rẹ pè é tó bá wà níbẹ̀, tí kò bá sí, pè é fúnra rẹ, kò burú. Sọ ọ́ kúkúrú. Báyìí ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ mi:

"Ẹ káàárọ̀ o mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìdánwò ní sẹ́ńtà yín láàárọ̀ yìí, ìsọ̀rí aago mẹ́jọ. Mọ́tò wa ti bàjẹ́ ní ẹ̀yìn Ọbádá-Òkò, mo ti ń wá mọ́tò mìíràn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń tẹ ìka, àti ìgbà tí wọ́n máa dáwọ́ dúró. Ta ni kí n béèrè tí mo bá dé géètì, mà?"

Kọ ìdáhùn ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tó o pè. Má bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn bí dírẹ́bà ṣe pẹ́ ní páàkì, bí màmá ṣe jí ọ pẹ́, ẹni tó gbé fóònù yẹn ní ogún ọmọ níwájú ẹ̀ tó ń tẹ ìka. Tó bá ní "ẹ tètè máa bọ̀," kì í ṣe ìlérí pé wọ́n á jẹ́ kó o wọlé nìyẹn, àmọ́ ó ti mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀.

Tí kò bá gbé e, pè é lẹ́ẹ̀mejì péré. Má dúró sójú kan kó o máa tẹ nọ́mbà náà fún ìdajì wákàtí, kò sí àǹfààní ńbẹ̀. Lọ sí ìgbésẹ̀ kẹta.

3. Fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kí ẹ̀rí lè wà pé o ti sọ.

Ìpè kì í ṣe ẹ̀rí fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ tó o tẹ̀ ni ẹ̀rí. Fi wasáàpù tàbí tẹ́síìtì ránṣẹ́ sí nọ́mbà yẹn kan náà:

"Ẹ káàárọ̀. Orúkọ mi ni (orúkọ bó ṣe wà lórí sílíìpù). Nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀ JAMB mi ni (nọ́mbà). Ìsọ̀rí aago 8:00 òní ni mo wà. Mọ́tò tó ń gbé wa bọ̀ láti Wásinmi bàjẹ́ ní aago 6:05, a ti wá mọ́tò mìíràn. Mo pè yín ní 6:12, kò wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti wà lọ́nà."

Kíyè sí i pé aago méjì ló wà ńbẹ̀. Ìgbà tí mọ́tò bàjẹ́ àti ìgbà tó o sọ. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ló ń fi hàn pé o ò jókòó.

4. Ya fọ́tò mẹ́ta, má yà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

- Ọ̀kan tó fi mọ́tò hàn pẹ̀lú nọ́mbà pleeti rẹ̀.
- Ọ̀kan tó fi ohun tó bàjẹ́ hàn, bẹ́líìtì tó já, táyà tó fọ́, ohunkóhun tó bá jẹ́.
- Ọ̀kan tó fi ibi tẹ́ ẹ wà hàn, bíi pátákó ìlú tàbí ilé epo.

Gba orúkọ dírẹ́bà àti nọ́mbà fóònù ẹ̀. Tó bá jẹ́ páàkì lẹ ti wọ̀ ọ́, tí wọ́n kọ orúkọ èrò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra, rántí orúkọ páàkì náà, ìwé yẹn lè wúlò. Tí àwọn ará TRACE tàbí àwọn FRSC bá dúró tì yín, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá ọ kọ ọ̀rọ̀ méjì sórí pépà pẹ̀lú aago. Nọ́mbà FRSC tí kò ní gba owó ni 122, ó wúlò tí mọ́tò bá dúró síbi tó léwu.

Fi gbogbo fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sórí fóònù òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ lójú ẹsẹ̀. Ìdí ni pé fóònù ò gbọ́dọ̀ bá ọ wọ inú sẹ́ńtà, aago ọwọ́ náà ò gbọ́dọ̀ wọlé. Tí ẹ̀rí bá wà nínú fóònù rẹ nìkan, tó o sì fi fóònù náà sọ́wọ́ ẹni tó o ò mọ̀ ní géètì, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí i pọ̀.

5. Gbéra.

Ẹni tó bá wà pẹ̀lú rẹ ló yẹ kó dá mọ́tò dúró. Mọ́tò tó ń gbé èrò, tí èèyàn ti wà nínú ẹ̀, ló dáa jù lójú títì. Kí ẹ̀yin òbí má jẹ́ kí ọmọbìnrin dá wọ mọ́tò àdáni ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí nínú òkùnkùn ìdájí nítorí ìdánwò. Ìdánwò á tún wà. Tẹ́ ẹ bá ti wọ ìlú, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀, ọ̀kadà ló yá jù láti ibẹ̀.

6. Ní géètì, ìwọ nìkan ni kó o lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun, ibí yìí ṣe pàtàkì. JAMB ti ń kìlọ̀ fún òbí pé kí wọ́n má sún mọ́ sẹ́ńtà, wọ́n ti ní àwọn lè mú ẹni tó bá ń yọ àwọn lẹ́nu níbẹ̀, ọmọ náà sì lè jìyà ẹ̀. Ẹ dúró lókè títì. Bàbá tó bá ń pariwo ní géètì ń ba ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ jẹ́ ni, mo ti rí i.

Ìwọ ọmọ, na sílíìpù sọ́wọ́ kó o tó dé ibẹ̀. Sọ gbólóhùn kan: "Ẹ káàárọ̀ sà, mọ́tò wa ló bàjẹ́, mo ti pe ọ́fíìsì ní 6:12, ẹ jọ̀ọ́ ṣé wọ́n ṣì ń tẹ ìka?" Dárúkọ ẹni tó o bá sọ̀rọ̀ tó bá sọ orúkọ ẹ̀ fún ọ. Lẹ́yìn náà, dákẹ́, kó o tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá ní kó o ṣe. Nu ọwọ́ rẹ dáadáa kó o tó tẹ ìka, torí ọwọ́ tó ti fi kan girísì tàbí tó ń làágùn, ẹ̀rọ yẹn kì í tètè dá a mọ̀, mo sì ti rí ọmọ tó bá wọn ti mọ́tò, tó wá ń tẹ ìka ní ẹ̀ẹ̀mẹfà kó tó gbà.

7. Tí wọ́n bá ní ó ti pẹ́ jù, má tíì lọ sílé.

Béèrè nǹkan méjì pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Àkọ́kọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí ẹni tí JAMB rán wá?" Torí pé máígádì lè lé ọ láìjẹ́ pé ẹni tó wà nínú mọ̀ pé o wá. Ìkejì: "Ṣé ẹ lè bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo dé ní aago báyìí?" Wọ́n lè kọ̀, kò burú. Ìwọ fúnra rẹ, kọ aago tó o dé, aago tí wọ́n sọ fún ọ pé rárá, àti ohun tí wọ́n sọ gan-an. Kí òbí rẹ ya fọ́tò sílíìpù rẹ láti òkè títì níbi tó dúró sí. Kí ẹnikẹ́ni má ya fídíò àwọn òṣìṣẹ́ ní géètì, ìjà ni yóò dà.

## Ọmọ méjì, àárọ̀ kan náà

Mo ní ọmọ lẹ́sìn méjì tí mọ́tò bàjẹ́ fún lọ́dún kan náà. Mi ò ní dárúkọ sẹ́ńtà wọn.

Èyí àkọ́kọ́ ń ti Wásinmi bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, sẹ́ńtà ẹ̀ wà lọ́nà Aṣẹ́rò, 6:30 ni kó dé. Aago 5:40 ni wọ́n gbéra, ìyẹn ti pẹ́ díẹ̀ lójú tèmi. Ní 6:05, bẹ́líìtì já, wọn ò tíì dé Ọbádá. Dírẹ́bà ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ń wá okùn tó máa fi dè é. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pe sẹ́ńtà ní 6:12, kò wọlé, ó tún pè é, obìnrin kan gbé e, ó ní àwọn ń tẹ ìka títí ìdánwò á fi kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n béèrè òun. Wọ́n fi tẹ́síìtì tẹ̀ lé e. Ní 6:20 wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, dírẹ́bà náà bínú, wọ́n ní kó má dá owó padà. Bọ́ọ̀sì kan tó ń lọ Pánṣẹ́kẹ́ gbé wọn, ọ̀kadà láti Pánṣẹ́kẹ́. 7:25 ló dé géètì. Ó tẹ ìka, ó jókòó, ó ṣe gbogbo wákàtí méjì rẹ̀ pé. Mọ́tò tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn, a gbọ́ lẹ́yìn ẹ̀ pé aago mẹ́jọ kọjá kó tó jí.

Èkejì ń bọ̀ láti ọ̀nà Ṣágámù, mọ́tò ẹ̀ gbóná nígbà tí wọ́n kọjá Síùn. Òun dúró. Ọmọkùnrin tó ní sùúrù ni, dírẹ́bà náà sì jẹ́ ẹni tí bàbá ẹ̀ mọ̀, ojú tì í láti fi í sílẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni torí pé kò ní nọ́mbà, kò sì ya fọ́tò kankan. Aago 8:25 ló dé, ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, máígádì ní kó máa lọ sílé, ó sì lọ. Ọjọ́ kẹta ló tó wá sọ fún mi, ó ń sunkún. Nígbà tá a jókòó láti kọ ẹjọ́ náà ránṣẹ́, kò sí nọ́mbà mọ́tò, kò sí aago, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun rí i ní géètì. Ọ̀nà yẹn gùn ju ọ̀nà ọmọ àkọ́kọ́ lọ, mi ò ní sọ pé ìpè kan ì bá ti gbé e wọlé. Àmọ́ ì bá ti ní ohun tó máa fi hàn.

## Tó o bá pàdánù ìdánwò: bó o ṣe máa sọ fún JAMB fúnra rẹ̀

Sẹ́ńtà ti parí iṣẹ́ tiwọn, JAMB ló kù. Ọjọ́ náà gan-an ni kó o kọ ọ́, má jẹ́ kó di ọ̀la.

1. Lọ sí `support.jamb.gov.ng`, ṣí tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Lo ímeèlì àti nọ́mbà fóònù tó o fi forúkọ sílẹ̀, má lo ti ẹni tó ni kafẹ́.
2. Gẹ̀ẹ́sì ni kó o fi kọ ọ́, kó má ju ìlà mẹ́jọ lọ. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀: orúkọ rẹ, nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀, orúkọ sẹ́ńtà, ọjọ́ àti aago ìdánwò, ibi tí mọ́tò ti bàjẹ́ àti aago, aago tó o pe sẹ́ńtà, aago tó o dé géètì, ohun tí wọ́n sọ fún ọ. Ní ìparí, sọ ohun tó o ń béèrè: pé tí wọ́n bá ń ṣètò ìdánwò fún àwọn tó pàdánù tiwọn, kí wọ́n fi ọ́ sí i.
3. So fọ́tò mẹ́ta yẹn mọ́ ọn, pẹ̀lú sílíìpù àti sikirinṣọ́ọ̀tì tẹ́síìtì tó o fi ránṣẹ́.
4. Tọ́jú nọ́mbà tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ìdáhùn á gba inú ímeèlì wá, máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, ibi tí àwọn ímeèlì tí a ò fẹ́ máa ń lọ náà, wo ibẹ̀.

Tí íńtánẹ́ẹ̀tì ò bá dáa, tàbí ó ti pé ọjọ́ mélòó kan tí o kò rí èsì, kó gbogbo ìwé yẹn lọ sí ọ́fíìsì JAMB tó wà ní Abẹ́òkúta, kó o mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n bá ọ lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan tó o máa mú padà sílé.

Àti pé jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. JAMB kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìdánwò mìíràn nítorí pé ó pẹ́. Ní 2025 wọ́n ṣe ìdánwò àfikún tí wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀pù-ọ́ọ̀pù, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó pàdánù ìdánwò àkọ́kọ́ ṣe é. Èyí kò túmọ̀ sí pé wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún. Kọ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ, máa gbọ́ ìkéde wọn, má sì dáwọ́ ìwé kíkà dúró, torí tí wọ́n bá pè ọ́, wọn kì í fúnni láyè púpọ̀.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí

Àsọdùn. Mọ́tò bàjẹ́, o wá sọ pé ìjàm̀bá ọkọ̀ ni, pé èèyàn fara pa. Wọ́n á béèrè ìwé ọsìbítù. Láti ibẹ̀, wọn ò ní gba èyí tó jẹ́ òótọ́ gbọ́ mọ́. Mọ́tò tó bàjẹ́ ti tó bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ méjì tí kò bára mu. Bàbá á ní aago 6:00, ọmọ á kọ 6:40 sínú tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jókòó pọ̀, ẹ fi aago tó wà lórí fọ́tò àti ìpè ṣe é, ẹnì kan ṣoṣo ni kó kọ ọ́.

Ẹni tó ní òun mọ ẹnì kan ní JAMB. Kò ní pẹ́ tó máa yọjú, ó máa ń yọjú ní kafẹ́ tàbí lórí wasáàpù, á ní kó o mú ẹgbẹ̀rún báyìí wá kí òun bá ọ yí ọjọ́ padà. Á ní kó o fún òun ní ímeèlì rẹ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ. Má fún un. Kò sí ẹni tó ń ta ọjọ́ ìdánwò, àkáǹtì tó o bá fún un sì lè di èyí tí o kò lè wọlé sí mọ́ nígbà tí ìgbaniwọlé bá dé.

Lílọ sí sẹ́ńtà mìíràn tó sún mọ́ ibi tí mọ́tò ti bàjẹ́. Orúkọ rẹ kò sí níbẹ̀. Àkókò lásán lo fi ṣòfò.

## Tó bá jẹ́ WAEC ńkọ́?

Ti WAEC yàtọ̀ torí pé iléèwé ló sábà jẹ́ sẹ́ńtà, àwọn olùkọ́ sì mọ̀ ọ́. Tíṣà rẹ tàbí ọ̀gá iléèwé ni kó o pè, wọ́n á bá ọ sọ fún alábòójútó tí WAEC rán wá. Ààlà tó yẹ kó wà lọ́kàn rẹ ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ìwé bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá kọjá ìyẹn, wọ́n lè má jẹ́ kó wọlé. Ẹni tó bá wọlé ṣáájú ìyẹn, wọn ò ní fi àkókò kún un, torí náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè tó o mọ̀ jù. Tó o bá pàdánù ìwé kan láàárọ̀, rí i pé o jókòó sí èyí tó kù lọ́sàn-án. Mo ti rí ọmọ tó pàdánù ìwé kan tó wá lọ sùn sílé nítorí ìbànújẹ́, bẹ́ẹ̀ ìwé mìíràn wà fún un lọ́jọ́ náà gan-an.

## Bóyá o wọlé àbí o ò wọlé: yẹ èsì wò lẹ́yìn náà

Tí JAMB bá ti kéde pé èsì ti jáde, fi `UTMERESULT` ránṣẹ́ sí `55019` tàbí `66019`, láti orí nọ́mbà fóònù tó o fi forúkọ sílẹ̀ gan-an, kí owó fóònù sì wà nínú ẹ̀. Tó o bá jókòó ṣe ìdánwò náà, tí èsì wá ń sọ pé o ò wá, ẹjọ́ mìíràn lèyí, ṣí tíkẹ́ẹ̀tì tuntun fún un, má kọ ọ́ mọ́ ti mọ́tò. Kọ nọ́mbà àga tó o jókòó sí àti aago tó o tẹ ìka síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé tí wọ́n bá ti jáde ní géètì, kí wọ́n tó béèrè omi mu, kí wọ́n kọ nọ́mbà àga wọn sẹ́yìn sílíìpù.